Orúkọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Bí Owó Ṣe Ń Gba Orí Fóònù Lọ

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ ní Ìbàdàn. Ohùn yìí náà ni a fi sí abẹ́ àwòrán ojú fóònù tí wọ́n ń wò lára ògiri.)

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú ọjà o. Ẹ kú ìjókòó. Ajé á wọ igbá o. Mo kí ìyálọ́jà wa tí wọ́n ní kí a ti ìsọ̀ fún wákàtí kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo sì kí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mú ìyá yín wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ wọn tí a bá dé ibi tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn tẹ̀ ẹ́.

Bí mo ṣe ń wọlé báyìí, màmá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí mo bá ka owó lé èèyàn lọ́wọ́, mo rí ọwọ́ tó gbà á. Tí mo bá wá tẹ fóònù, ta ló gbà á?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá, nítorí ìbéèrè tí mo bá wá síbí gan-an ni wọ́n béèrè. Gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni.

Ọdún 11 ni mo fi jókòó sí kánńtà báńkì kan, níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń wá fẹjọ́ owó tó sọnù sùn. Mo ti rí ẹni tó sunkún níwájú mi. Mo ti rí ẹni tí kò lè sunkún mọ́. Nígbà tí mo bá sì ní kí wọ́n rọra sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi méjì péré ni púpọ̀ nínú ẹjọ́ náà ti máa ń ṣẹ̀ wá. Èkíní ni pé wọn ò wo orúkọ. Èkejì ni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ di méjèèjì yìí mú, a máa padà sórí wọn.

Ibi tí owó wà gan-an

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ohun kan. Ṣé inú fóònù ni owó wà? Rárá o. Tí fóònù bá já sódò, owó ò bá a lọ. Tí olè bá gbé fóònù, kì í ṣe inú fóònù ló ti máa bá owó.

Ẹ rántí alájọ. Gbogbo wa la mọ alájọ. Tí alájọ bá wá sí ìsọ̀, tí ẹ fún un ní owó, ó máa fàlà sí káàdì yín, ó sì máa fàlà sínú ìwé tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ohun tí ìwé bá wí ni. Báńkì náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé ńlá kan ni, orúkọ yín wà níbẹ̀, iye owó yín wà níwájú orúkọ yín. Nígbà tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, kò sí ẹni tó gbé owó kankan rìn. Báńkì tiyín yọ iye yẹn kúrò níwájú orúkọ yín, báńkì ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí kọ ọ́ síwájú orúkọ tirẹ̀. Ó parí.

Tí báńkì méjèèjì bá yàtọ̀ síra wọn ńkọ́? Ẹnì kan wà láàárín tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀kíní sọ fún ẹ̀kejì. Orúkọ rẹ̀ ni NIBSS. Àwọn báńkì Nàìjíríà àti Báńkì Àpapọ̀ ló jọ dá a sílẹ̀ ní 1993. Ní 2011 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí a ń lò báyìí, èyí tí owó fi ń dé lójú ẹsẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì, ẹ ó sì máa retí ọjọ́ tí owó máa wọlé. Nísinsìnyí, àwọn báńkì ṣì ń ṣírò gbèsè àárín ara wọn pọ̀ lẹ́yìn náà lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀, àmọ́ ẹni tí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí kò ní dúró de ìyẹn. Tirẹ̀ ti wọlé.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín? Nítorí pé tí ẹ bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń rán láti báńkì sí báńkì, ó máa yé yín pé ọ̀rọ̀ lè pẹ́ lọ́nà. Ìdáhùn lè sọnù lọ́nà. Owó lè ti dé ibi tó ń lọ, kí fóònù tiyín má tíì gbọ́. A máa rí i níwájú bí èyí ṣe ń kó èèyàn sí wàhálà.

Nọ́ńbà mẹ́wàá àti orúkọ kan

Ó yá, ẹ wo ara ògiri. Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan wà ní ọjà yìí, Ṣakí ni wọ́n ti ń kó èlùbọ́ wá fún wọn. Wọ́n fẹ́ san ₦18,500 fún oníbàárà wọn ní Ṣakí. Wọ́n ṣí áàpù báńkì wọn. Ohun mẹ́ta ni áàpù bi wọ́n: báńkì wo ni ẹni náà ń lò, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, àti iye owó. Ẹni tí kò ní fóònù ńlá tó ń lo áàpù, tàbí tí kò ní dátà, máa tẹ kóòdù báńkì rẹ̀. *894# ni ti First Bank, *737# ni ti GTBank, *966# ni ti Zenith. Ìbéèrè kan náà ni yóò bi yín. Tí ẹ bá ń lo kóòdù, ẹ rí i pé owó ìpè wà lórí láìnì yín, torí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ₦6.98 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá pẹ́ jù kí ẹ tó dáhùn, ojú ìwé yẹn á pa dé fúnra rẹ̀. Ẹ má fòyà. Tí ẹ kò bá tíì tẹ nọ́ńbà àṣírí, kò sí kọ́bọ̀ kan tó kúrò nínú àkáǹtì yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà àkáǹtì, mẹ́wàá ló máa ń jẹ́. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́wàá yẹn, olùṣọ́ ni. Àwọn báńkì máa ń ṣírò rẹ̀ láti ara nọ́ńbà mẹ́sàn-án tó ṣáájú àti nọ́ńbà báńkì fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀, tí ẹ tẹ 5 dípò 9, ìṣirò náà kò ní bára mu mọ́, báńkì á ní òun ò mọ àkáǹtì náà. Ọwọ́ yín ṣì í, olùṣọ́ mú un.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Ibi méjì wà tí olùṣọ́ yìí ò tó. Tí ẹ bá gbé nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ léra dípò ara wọn, bíi kí ẹ tẹ 47 dípò 74, nígbà mìíràn ìṣirò náà ṣì máa ń bára mu, á sì kọjá lára olùṣọ́. Èkejì ló ń ba èmi lẹ́rù jù. Ẹ̀yin náà mọ àwọn àpò owó orí fóònù, bí OPay àti PalmPay. Nọ́ńbà fóònù ẹni ni wọ́n ń lò bíi nọ́ńbà àkáǹtì níbẹ̀: wọ́n yọ òdo iwájú kúrò, ó ku mẹ́wàá. Ó rọrùn láti há sórí, ìdí tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù ò ní olùṣọ́ kankan lẹ́yìn. Tí ẹ bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀, nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn lẹ tẹ̀ yẹn, ẹlòmíràn náà sì lè ní àpò owó níbẹ̀.

Kí ló wá kù tó ń ṣọ́ yín? Orúkọ ni. Ẹ wo àwòrán yìí dáadáa. Lẹ́yìn tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti tẹ nọ́ńbà tán, kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun mìíràn, orúkọ kan jáde. Áàpù kò mọ orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn ni pé báńkì tiwọn gba ọ̀dọ̀ NIBSS béèrè lọ́wọ́ báńkì tó wà lọ́hùn-ún pé, "Ta ló ni nọ́ńbà yìí lọ́dọ̀ yín?" Báńkì ọ̀hún sì ṣí ìwé, ó dáhùn. Màmá tí wọ́n béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé ta ló gbà á, ẹ rí i báyìí? Ọwọ́ tó fẹ́ gba owó ni wọ́n ń fi hàn yín yẹn, kí owó tó kúrò lọ́dọ̀ yín.

Àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ibi tí ìjánu yín wà nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín. Obìnrin kan wá bá mi ní kánńtà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó mú gèlè rẹ̀ lọ́wọ́, kò ráyè wé e. Ó ti fi ₦60,000 ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó aṣọ fún un, lánàá ọjọ́ Àìkú, láti inú ọkọ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ka nọ́ńbà náà fún un. Ẹ mọ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà lórí fóònù, òyìnbó la máa ń fi kà á. Ẹni yẹn ní "náìnì", ariwo ọkọ̀ wà níbẹ̀, obìnrin yìí gbọ́ "fáìfù". Àpò owó orí fóònù sì ni. Olùṣọ́ ò sí.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orúkọ ò jáde ni?" Ó ní orúkọ jáde. Mo ní orúkọ ta ni? Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Orúkọ ọkùnrin ni. Mo rò pé orúkọ ọkọ rẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ìyá mi, mo bẹ̀ yín, gbólóhùn yẹn ni kí ẹ máa sá fún. "Mo rò pé orúkọ ọkọ rẹ̀ ni." Ó lè jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ lóòótọ́. Ó lè jẹ́ orúkọ ìsọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ orúkọ ilé bàbá rẹ̀ tó fi ṣí àkáǹtì kó tó lọ sílé ọkọ. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpè kan péré ni ẹ máa pè: "Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo ló wà lára àkáǹtì yín?" Ẹ má ka orúkọ tí ẹ rí fún un. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pè é jáde. Tí èyí tó pè bá bá ti ojú fóònù mu, ẹ máa lọ. Tí kò bá bá a mu, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ pa á rẹ́. Títí di ìgbà yìí, owó yín ṣì wà níbi tó wà.

Ohun kékeré kan tún wà ńbẹ̀. Nítorí pé OPay ń lo nọ́ńbà fóònù, tí PalmPay náà ń lo nọ́ńbà fóònù, ẹnì kan lè ní àpò ní ibi méjèèjì pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Orúkọ á jáde, orúkọ rẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n owó á wọ àpò tí kò lò láti ọdún tó kọjá. Owó náà kò sọnù o, àmọ́ á máa bi yín pé kí ló dé tí kò tíì rí i. Ẹ máa béèrè báńkì kí ẹ tó béèrè nọ́ńbà. Tí áàpù bá sì bá yín mú báńkì fúnra rẹ̀, ẹ wò ó bóyá èyí tí ẹni náà sọ ló mú.

Lẹ́yìn nọ́ńbà àṣírí

A ti dé ibi kejì báyìí. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti wo orúkọ, ó bára mu. Wọ́n tún wo iye owó: ẹ máa ka àwọn òdo o, ₦18,500 yàtọ̀ sí ₦185,000. Wọ́n wá tẹ nọ́ńbà àṣírí wọn, èyí tí a kọ PIN sí ojú fóònù. Èyí ni ìbuwọ́lùwé yín. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ lè padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ. Ẹni tó bá pè yín tó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, pé kí ẹ pe nọ́ńbà yẹn fún òun, olè ni. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí iṣẹ́ mi fi béèrè nọ́ńbà àṣírí oníbàárà kankan.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́? Báńkì tiwọn kọ́kọ́ yọ owó náà nínú ìwé tiwọn. Iye tó yọ ju ₦18,500 lọ díẹ̀. Ẹ má bínú, kò sí olè níbẹ̀. Owó iṣẹ́ báńkì àti owó orí ìjọba ló lé yẹn. Tí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦10 ni owó iṣẹ́. Láti ibẹ̀ dé ₦50,000, ₦25 ni. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ₦50 ni. Owó orí ìjọba díẹ̀ ló máa ń wà lórí rẹ̀. Àwọn báńkì mìíràn kì í tilẹ̀ gba owó iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn tí báńkì bá ti yọ owó, ó rán ọ̀rọ̀ lọ: "Ẹ kọ ₦18,500 síwájú orúkọ ẹni báyìí." Báńkì ti ọ̀hún kọ ọ́, ó sì dá ìdáhùn padà pé òun ti kọ ọ́. Ìdáhùn yẹn ló máa ń sọ ojú fóònù yín di àwọ̀ ewé tí ẹ rí níbí, tó kọ Successful.

Ẹ wá bi mí léèrè: tí ìdáhùn yẹn bá sọnù lọ́nà ńkọ́? Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ní kété tí ẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí tán? Ojú fóònù á máa yí, á máa yí. Tàbí kó kọ pé nǹkan kan ò lọ déédéé, pé kí ẹ tún un ṣe. Ibi tí ọkàn ti máa ń já nìyí. Ibi tí ọwọ́ ti máa ń yá jù náà nìyí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ san ₦35,000 fún mẹkáníìkì tó tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Mẹkáníìkì dúró tì í, ó fẹ́ máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́, ojú fóònù ń yí, kò dáhùn. Mẹkáníìkì ní kò tíì dé. Ẹ̀gbọ́n mi pa áàpù náà, ó tún ṣí i, ó tún tẹ̀ ẹ́. Eléyìí lọ lójú ẹsẹ̀, mẹkáníìkì rí àlááàtì, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi tó wo iye tó kù nínú àkáǹtì rẹ̀. ₦70,000 ló ti lọ. Nígbà tó pe mẹkáníìkì, ó ní ẹyọ kan lòun rí.

Kò purọ́ o, àlááàtì ẹyọ kan ló rí lóòótọ́. Kí la fi mọ̀ pé méjèèjì ló dé ọwọ́ rẹ̀? Ẹ wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì tó wà lára ògiri yìí. Ẹ rí ibi tí wọ́n kọ Session ID sí, àwọn nọ́ńbà gígùn kan? Ọgbọ̀n ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò ó, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lára rìsíìtì náà. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni báńkì tó rán owó. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ àti àkókò: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá. Tí ẹ bá rí

```
250314101522
```

ohun tó ń wí ni pé ní 2025, oṣù kẹta, ọjọ́ 14, aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 22 ni wọ́n rán an. Méjìlá tó kù ló jẹ́ kó yàtọ̀ sí gbogbo owó mìíràn tí wọ́n rán. Ẹ̀gbọ́n mi ní méjì, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Ó fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì, mẹkáníìkì mú wọn lọ sí báńkì tirẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní méjèèjì ti wọlé. Èèyàn dáadáa ni, ó dá ₦35,000 padà lọ́jọ́ kejì. Ṣé gbogbo èèyàn ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, tí ojú fóònù bá ń yí tí kò dáhùn, ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ wo iye tó kù nínú àkáǹtì yín, ẹ sì wo ìwé àwọn owó tí ẹ ti rán, ó wà nínú áàpù. Tí wọ́n bá ti yọ owó, tí wọ́n sì kọ Pending sí i, ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́nà. Ẹ dúró. Yálà ó máa dé ibi tó ń lọ, tàbí kó padà wá bá yín. Tí wọ́n bá kọ Failed, ẹ rí i pé owó náà ti padà sínú àkáǹtì kí ẹ tó tún un rán. Tí wọn ò bá yọ kọ́bọ̀ kan, tí kò sì sí nínú ìwé rárá, ẹ mu omi, ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, kí ẹ tó tún un ṣe. Tó bá sì kọ Successful lọ́dọ̀ yín, tí ẹni tí ẹ rán an sí ní òun ò rí i, ẹ má tún un rán. Ẹ fi rìsíìtì tó ní Session ID ránṣẹ́ sí i, kó mú un lọ sí báńkì tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ tiwọn ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Ẹni tó dúró tì yín, tó ń kánjú ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó jókòó. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbowó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi rìsíìtì ojú fóònù tirẹ̀ hàn yín kẹ́ ẹ gbé ọjà fún un. Àwọn ọmọ burúkú mọ bí wọ́n ṣe ń ya rìsíìtì irọ́, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń rán àlááàtì irọ́ pàápàá. Ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín. Tó bá lé, ó lé. Tí kò bá lé, ọjà ṣì jẹ́ tiyín.

Tó bá ti lọ sọ́wọ́ tí kò yẹ

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin tí gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kí la ṣe sí i? Mo máa sọ òótọ́ fún yín: báńkì rẹ̀ kò lè na ọwọ́ sínú ìwé báńkì mìíràn kó yọ owó náà padà. Báńkì ọ̀hún náà kò sì lè yọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ni àkáǹtì gbà, tàbí kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi pariwo orúkọ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe pé kò sí nǹkan kan. Ohun tó lè ṣiṣẹ́ ni kí ẹ yára. A gba Session ID lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ìwé pé àṣìṣe ni, a fi ránṣẹ́ sí ibi tí owó náà lọ, a ní kí wọ́n dá ohun tó kù nínú àpò náà dúró, kí wọ́n sì pe ẹni tó ni ín. Láti àná tí owó ti wọlé, ọkùnrin náà ti ná ₦40,000. Awakọ̀ ni. Ó ní òun rò pé ẹnì kan tó jẹ òun ní gbèsè ló san án. ₦20,000 tó kù ni wọ́n rí dá dúró. Ó gbà kí wọ́n dá a padà, ó sì san ₦40,000 náà ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì. Ká ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an ni obìnrin yìí pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ báńkì rẹ̀, mo gbà pé ohun tí wọ́n máa bá nínú àpò náà máa ju ₦20,000 lọ. Ó ní òun ń dúró kí báńkì ṣílẹ̀kùn. Ẹ má dúró kí báńkì ṣílẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín kọ nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ báńkì yín síbi tí ẹ ó ti máa rí i, ẹ̀yìn káàdì báńkì ni ó sábà máa ń wà.

Tí báńkì bá sì ń fi ọ̀rọ̀ yín falẹ̀, tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ní ibòmíràn tí ẹ lè gbà. Báńkì Àpapọ̀ ń gba ẹjọ́ oníbàárà ní cpd@cbn.gov.ng. Ẹ ní kí àwọn ọmọ bá yín kọ ọ́, kí wọ́n fi Session ID, ọjọ́, àti iye owó sínú rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun báńkì yín. Ẹ bèèrè nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ báńkì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tí kò bá ní in, ẹnu lásán ló ní.

Ó tó báyìí. Ẹ gbé fóònù yín jáde. Kí olúkúlùkù yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, kó béèrè báńkì rẹ̀, kó béèrè nọ́ńbà rẹ̀, kó tẹ ₦50. Tí orúkọ bá ti jáde, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má tíì tẹ nọ́ńbà àṣírí. Ẹ ní kí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ tó wà lára àkáǹtì rẹ̀, kí ẹ fi ti ojú fóònù wé e.

Màmá tí wọ́n dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ṣe é. Èmi ni kí ẹ rán an sí. Nọ́ńbà mi rèé. Ẹ sọ orúkọ tí ẹ rí fún wa.